Fífi owó sí mómó àti yíyọ ọ́ ní Kétu: ohun tí ẹ máa rí lójú fóònù yín

Lọ́jọ́ ọjà ní Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, oorun ò tíì kúrò lójú mi tán tí ẹni àkọ́kọ́ á ti dúró níwájú tábìlì mi. Á na fóònù rẹ̀ sí mi, á ní, "Ẹ bá mi wò ó, ṣé ó ti wọlé?" Ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Èèyàn á gbé fóònù ara rẹ̀ fún onímómó pé kó bá òun kà á, torí Faransé ni fóònù ń sọ, Yorùbá sì ni òun ń sọ. Èmi kì í gbà á. Kì í ṣe ìgbéraga. Ẹni tó bá gbé fóònù rẹ̀ fún mi lónìí á gbé e fún ẹlòmíì lọ́la, mi ò sì mọ irú ẹni tí ẹlòmíì yẹn máa jẹ́. Ẹ jẹ́ ká jọ rìn ín: ohun tí onímómó ń tẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀, àti ohun tó yẹ kó hàn lórí tiyín nígbà yẹn gan-an.

Àpò méjì lọ́wọ́ onímómó

Àpò méjì ni èmi onímómó ní. Ọ̀kan wà nínú àpótí tí mo jókòó tì, owó bébà àti ẹyọ ni. Èkejì wà lórí síìmù iṣẹ́ mi, owó orí fóònù ni. Tí ẹ bá ní kí n fi owó sí fóònù yín, inú owó orí fóònù mi ni mo ti ń bù ú fún yín, ẹ̀yin náà á sì kó bébà sínú àpótí mi. Tí ẹ bá ń yọ owó, ó di òdìkejì: owó orí fóònù yín á wọ orí fóònù mi, èmi á ka bébà fún yín.

Ká ní mo jí jókòó pẹ̀lú 300,000 sẹ́fà lórí fóònù àti 200,000 nínú àpótí. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 500,000. Ìyá alágbàdo kan wá, ó ní kí n fi 85,000 sí tòun. Orí fóònù mi á ku 215,000, àpótí á di 285,000. Ẹ rò ó pọ̀, 500,000 náà ni. Bí èèyàn ogún bá wá lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn kan ń fi sí i, tí àwọn kan ń yọ ọ́, 500,000 náà ló yẹ kó jẹ́ nígbà tí mo bá ń ká tábìlì nírọ̀lẹ́. Èrè mi kì í dàrú mọ́ ọn, torí lọ́tọ̀ ni wọ́n ń san án fún mi. Ẹ fi ìṣirò yìí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ohun tó fà á nìyí tí onímómó fi lè sọ fún yín ní kùtùkùtù pé "mi ò lè fi owó sí i báyìí", tó sì jẹ́ pé òun kan náà ń sanwó fún ẹni tó ń yọ. Àpò orí fóònù rẹ̀ ló ti gbẹ. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn tó ta iṣu àti àgbàdo bá ti kó owó wá, ìgbà yẹn gan-an ni àpótí rẹ̀ máa ń kún tí orí fóònù rẹ̀ ń ṣófo. Tó bá jẹ́ àpótí ló ṣófo, á ní kí ẹ dúró díẹ̀ kí ẹnì kan wá fi owó sí tirẹ̀ ná. Kò purọ́ fún yín. Bébà ẹni yẹn ni ẹ máa gbà.

Ọ̀rọ̀ Faransé márùn-ún

Ẹ ò nílò ju márùn-ún lọ. `Dépôt` ni fífi owó sí i. `Retrait` ni yíyọ owó. `Frais` ni owó iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ ń gé. `Solde` ni iye tó ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́. `Code secret` ni kóòdù àṣírí yín, èyí tí ẹ̀yin nìkan mọ̀.

Nínú márààrún, `Solde` ni kí ẹ fẹ́ràn jù. Àwọn yòókù ń sọ ohun tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀, `Solde` ló ń sọ ohun tó wà nílẹ̀. Láti wò ó fúnra yín, ẹ tẹ `*880#` bó bá jẹ́ ti MTN, `*855#` bó bá jẹ́ ti Moov, kí ẹ wá ibi tó ti kọ `Solde` nínú ohun tó bá tò jáde. Ó máa béèrè kóòdù àṣírí kó tó fi hàn yín. Mo máa ń sọ fún àwọn ìyá wa pé kí wọ́n wò ó kí wọ́n tó dé ìdí tábìlì, kí wọ́n sì fi iye yẹn sórí. Ẹni tí kò mọ iye tó ní tẹ́lẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá ohun kan ti yí padà.

Tí ẹ bá ń fi owó sí i

Èyí ni ó rọrùn jù. Ẹ ó ka owó fún onímómó, òun náà á kà á lójú yín. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó pe nọ́ńbà yín. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà mẹ́wàá ni fóònù ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n fi `01` ṣáájú mẹ́jọ ti àtijọ́. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń pe mẹ́jọ fún mi, pàápàá àwọn tó há nọ́ńbà wọn sórí tipẹ́tipẹ́. Bí ẹ bá pè é, ẹ jẹ́ kí onímómó pè é padà sí yín létí.

Onímómó á yan `Dépôt` lórí fóònù rẹ̀, á tẹ nọ́ńbà yín, á tẹ iye owó. Kí ó tó parí, orúkọ ẹni tó ni nọ́ńbà yẹn sábà máa ń yọ sí i lójú. Onímómó tó mọ iṣẹ́ á ka orúkọ náà sókè. Bí ó bá pe orúkọ tí kì í ṣe tiyín, tí kì í sì í ṣe ti ẹni tí ẹ fi orúkọ rẹ̀ ra síìmù, ẹ pariwo lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò tẹ kóòdù àṣírí tirẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, kí ló ń hàn lórí fóònù yín? Òfo. Kò sí ohun tí ẹ máa tẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti jìn sí kòtò: owó tó ń wọlé kì í béèrè kóòdù àṣírí ẹni tó ń gbà á. Bí ẹ bá ń fi owó sí i, tí ohun kan sì yọ sójú fóònù yín pé kí ẹ tẹ `Code secret`, kì í ṣe `Dépôt` ni ẹni náà ń ṣe. Ẹ wo ohun tó kọ síbẹ̀, ẹ ó bá `Retrait` tàbí ọ̀rọ̀ ìsanwó. Ẹ pa á, ẹ gba owó yín padà kúrò lórí tábìlì.

Ohun tó yẹ kó dé ni mẹ́séèjì kan ṣoṣo. Á sọ iye tó wọlé, ẹni tó fi sí i, ọjọ́ àti wákàtí, `Solde` tuntun, àti nọ́ńbà gígùn kan tó jẹ́ orúkọ ìṣòwò yẹn. Ìyá alágbàdo wa ní 12,400 tẹ́lẹ̀. Ó fi 85,000 sí i. Nígbà tí fóònù onítọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dún, kò wo ohun mìíràn àfi `Solde`: 97,400. Ó pé. Fífi owó sí i kì í gé owó lọ́wọ́ oníbàárà, nítorí náà bí wọ́n bá ka 85,000 tí 84,500 wọlé, ẹnì kan ló jẹ 500 yẹn, kì í ṣe iléeṣẹ́.

Owó lè kọ̀ láti wọlé lóòótọ́ láìjẹ́ ẹ̀bi onímómó. Ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ ti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, BCEAO, fi òfin dè é ní 2015: ẹni tí wọ́n ti mọ ẹni tó jẹ́ nípa ìwé ìdánimọ̀ kò gbọ́dọ̀ ní ju 2,000,000 lọ lórí àkáǹtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí wọn ò tíì mọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá 200,000. Oníṣòwò kaṣú kan jà mí níyàn lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó rò pé mi ò fẹ́ bá òun ṣe é. Ní ti tòótọ́, owó tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ti kún dé ẹnu.

Tí ẹ bá ń yọ owó

Níbí, ẹ̀yin ni ẹ ni ọ̀rọ̀. Kóòdù yín ló ń ṣí ilẹ̀kùn.

Ọ̀nà méjì ló wà, ó dá lórí iléeṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe tò ó. Nínú ọ̀kan, onímómó ló ń bẹ̀rẹ̀: á yan `Retrait`, á tẹ nọ́ńbà yín àti iye tí ẹ fẹ́, ọ̀rọ̀ kan á sì ṣàdéédéé yọ sójú fóònù yín. Nínú èkejì, ẹ̀yin ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti inú `*880#` tàbí `*855#`, ẹ ó yan `Retrait`, ẹ ó tẹ nọ́ńbà onímómó tàbí nọ́ńbà ìdí tábìlì rẹ̀, ẹ ó tẹ iye. Ibi kan náà ni méjèèjì já sí: kí ẹ tó tẹ kóòdù àṣírí, ó yẹ kí ẹ rí iye owó àti orúkọ onímómó.

Ẹ má kánjú níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í pẹ́ lójú fóònù kó tó lọ, ṣùgbọ́n bó bá lọ, a ó tún pè é, kò sí ohun tó sọnù. Òdo ni kí ẹ kà. 20,000 ní òdo mẹ́rin lẹ́yìn 2, 200,000 ní márùn-ún. Lójú fóònù kékeré, tí oòrùn ń ràn sí i, méjèèjì jọra. Tó bá dá yín lójú, ẹ yí ẹ̀yìn sí èrò, ẹ fi ọwọ́ bo bọ́tìnì, ẹ tẹ kóòdù fúnra yín. Onímómó tó bá ní "ẹ pè é, kí n bá yín tẹ̀ ẹ́", ẹ dìde níbẹ̀.

Mẹ́séèjì á dé sí fóònù yín, òmíràn á dé sí tèmi. Tèmi ni mo ń dúró dè kí n tó ṣí àpótí. Kì í ṣe pé mi ò fọkàn tán yín. Mẹ́séèjì tó wà lórí fóònù oníbàárà, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ kó fi ránṣẹ́ láti síìmù lásán. Àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ débi pé kò yàtọ̀ sí ti iléeṣẹ́, àfi pé nọ́ńbà èèyàn ló jókòó sókè rẹ̀ dípò orúkọ iléeṣẹ́, àti pé `Solde` onítọ̀hún kò gbéra rárá.

Owó iṣẹ́ wà lórí yíyọ, orí yín sì ni wọ́n ti ń gé e, kì í ṣe inú bébà tí mo kà fún yín. Ká fi 500 ṣe àpẹẹrẹ, torí iye gangan ń yàtọ̀, ẹ ó sì rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ `Frais`. Ìyá wa ní 97,400, ó fẹ́ yọ 20,000. Bébà 20,000 gééré ló gbà lọ́wọ́ mi, `Solde` rẹ̀ sì di 76,900. Ìdí nìyí tí ẹni tó ní 20,000 gééré lórí fóònù kò fi lè yọ 20,000. Ó máa kọ̀, onítọ̀hún á sì máa bínú sí mi.

Kí n tún tú àṣírí kan nípa àwa onímómó. Ìpele ìpele ni owó iṣẹ́ àti èrè wa. Àwọn kan wà láàárín wa tí ẹ bá fẹ́ yọ 60,000, wọ́n á ní rẹ́sóò ò gbà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ ká ṣe é ní 30,000 méjì. Ìgbà míràn òótọ́ ni. Ìgbà míràn, èrè ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń wá, ẹ̀yin ni ẹ ó sì san `Frais` lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní kí wọ́n gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan ná, kí ẹ rí i pé ó kọ̀. Ẹ má sì gbà kí wọ́n ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí nọ́ńbà àdáni wọn dípò `Retrait`, torí bí ìjà bá dé, ohun tí ìwé iléeṣẹ́ máa sọ ni pé ẹ ta ènìyàn kan lọ́rẹ.

Nígbà tí mẹ́séèjì ò dé

Èmi gan-an ni mo ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, lọ́jọ́ ọjà kan náà tí mo ń fi ìṣirò rẹ̀ ṣàpẹẹrẹ láti àárọ̀. Ìyá alágbàdo padà wá lọ́sàn-án láti yọ 20,000 fún owó ọkọ̀ àti àpò. Mo bẹ̀rẹ̀ `Retrait`. Ọ̀rọ̀ yọ sí i lójú, ó tẹ kóòdù. Fóònù rẹ̀ wá kọ ohun kan tó dà bí àṣìṣe, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Tèmi náà dákẹ́. Ó wò mí, mo wò ó.

"Rẹ́sóò ni, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

A tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, mẹ́séèjì dé sórí fóònù mi, mo ka 20,000 fún un, ó dì í mọ́ ìgbànú, ó gba ọ̀nà Ìlàrá lọ.

Nírọ̀lẹ́ mo ka àpótí: 265,000. Mo wo orí fóònù: 255,000. Mo rò ó pọ̀, ó di 520,000. Mo tún un kà. 520,000 náà ni. Ẹni tó bá rí 20,000 lé lórí owó rẹ̀ lè rò pé Ọlọ́run ló ṣe é. Ṣùgbọ́n owó onímómó kì í bímọ. Mo ṣí ibi mẹ́séèjì, mo rí èyí tó ti pẹ́ dé: `Retrait` 20,000 méjì, nọ́ńbà kan náà, ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín wọn, nọ́ńbà ìṣòwò wọn yàtọ̀ síra. Ẹ̀ẹ̀kínní tí a rò pé ó kú ti wọlé. Mẹ́séèjì rẹ̀ nìkan ló há sọ́nà.

Ohun tó yẹ ká ti ṣe kò ju kí ìyá wo `Solde` rẹ̀ kí a tó tún un ṣe. Bó bá ṣì jẹ́ 97,400, owó ò tíì jáde, a lè tún un ṣe láìbẹ̀rù. Bó bá ti di 76,900, owó ti jáde, kí n wo tèmi náà: bó bá ti gòkè pẹ̀lú 20,000, kí n ka bébà fún un, mẹ́séèjì lè dé nígbà tó bá wù ú. Bí tirẹ̀ bá ti wálẹ̀ tí tèmi ò gòkè, a kì í tún un ṣe, a kì í sì í sanwó. A ó kọ wákàtí àti iye sílẹ̀, a ó dúró díẹ̀, bí kò bá yí padà, ìyá á pe iléeṣẹ́ láti orí síìmù tirẹ̀, torí òun ló ni àkáǹtì, àwọn náà á sì tọpa owó náà.

Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò tíì mọ̀. Èmi onímómó ò lè yí `Retrait` tó ti parí padà, mi ò ní bọ́tìnì rẹ̀. Ohun tí mo lè ṣe ni `Dépôt` 20,000 padà sórí fóònù rẹ̀ láti orí fóònù mi, mo sì fi 500 tí wọ́n gé lẹ́ẹ̀kejì lé e láti inú àpò ara mi. Mo ní kó ka `Solde` sí mi létí lórí ìpè. Ó wá gíláàsì rẹ̀ títí. "Méje... mẹ́fà... mẹ́sàn-án... òdo... òdo." 76,900. Ó pé.

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun kan tí mi ò ronú kàn: mẹ́séèjì àkọ́kọ́ ò tíì dé sọ́dọ̀ tirẹ̀ rárá. Nígbà tó wá lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, a jọ wò ó. Àpótí mẹ́séèjì fóònù kékeré yẹn ti kún fọ́fọ́ fún ìpolówó, kò sí àyè fún tuntun. Bí tiyín bá jẹ́ onítọ́ọ̀ṣì, ẹ pa àwọn ìpolówó rẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, kí ẹ fi ti `Dépôt` àti `Retrait` sílẹ̀. Nọ́ńbà ìṣòwò tó wà nínú wọn ni iléeṣẹ́ máa kọ́kọ́ béèrè bí ẹ bá pè.